Mo fẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láàárín ọdún ẹ̀kọ́: báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà náà, kí ni kí n sì ṣe nípa ìdánwò àwọn ọmọ?

Olùkọ́ Ìṣirò, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ gbogbo, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí. Mò ń kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin. Kíláàsì mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan nínú wọn sì ni kíláàsì àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò BEPC lọ́dún yìí. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ọkọ mi lọ sí Pàràkú, àwọn ọmọ wa ti bá a lọ, èmi nìkan ni mo ṣẹ́ kù síhìn-ín. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní àárín oṣù kẹta. Sáà kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ti ṣe ìdánwò kékeré méjì fún àwọn ọmọ, ìdánwò ńlá àkọ́kọ́ kò sì tíì wáyé.

Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní kí n kàn gba owó oṣù mi kí n sì máa lọ, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń ṣe. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè kọ lẹ́tà náà, ìgbà wo ni kí n fi í sílẹ̀, kí ni kí n sì ṣe nípa máàkì àwọn ọmọ àti àwọn ìdánwò tó ń bọ̀?

Ìyá Ọlọ́jà, Wàǹdó

Ẹ kú ìrìn àjò, ìyàwó wa. Kí ẹ tó kó àwọn ọmọ kúrò, ẹ rí i dájú pé ẹ gba ìwé èsì wọn fún sáà kìíní, kí ilé ẹ̀kọ́ fi òǹtẹ̀ lù ú, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí mo mọ̀ kì í gba ọmọ láàárín ọdún láìsí ìwé yẹn. Ọmọ àbúrò mi pàdánù ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nítorí ìwé kan ṣoṣo.

Olùkọ́ Ìṣirò, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé, ìyá mi. Àwọn ọmọ tèmi ti wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Pàràkú. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dà yín láàmú, àǹtí. Òfin iṣẹ́ ti sọ ọ́: oṣù kan ni òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ kí ó tó lọ. Ẹ kọ lẹ́tà lónìí, ẹ ka ọgbọ̀n ọjọ́, bí ó bá pé, ẹ máa lọ. Ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, ẹ má tilẹ̀ kọ ìdí kankan sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdánwò jẹ́ ti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òun ni yóò wá ẹlòmíràn.

Bàbá Olùkọ́, Kétu

Mo kí gbogbo yín. Mo darí ilé ẹ̀kọ́ girama kan fún ọdún púpọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì gba irú lẹ́tà yìí lọ́wọ́ olùkọ́ púpọ̀, èyí tó dára àti èyí tó kó ẹni tó kọ ọ́ sí wàhálà.

Ohun tí ọmọ wa láti Ṣábẹ̀ẹ́ sọ tọ̀nà ní ìdajì. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti ọdún 1998, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 98-004, fi ọjọ́ 15 fún ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní wákàtí wákàtí, oṣù kan fún òṣìṣẹ́ lásán, àti oṣù mẹ́ta fún àwọn tó wà ní ipò gíga. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni oṣù kan wà fún. Olùkọ́ tó ń gba owó wákàtí pọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, àwọn kan sì wà tí ìwé iṣẹ́ wọn fi sí ipò gíga tí àwọn fúnra wọn kò mọ̀.

Ohun tó tóbi jù, tí kò mẹ́nu bà, ni pé gbogbo ìyẹn wà fún iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìparí nínú ìwé. Bí ìwé iṣẹ́ bá ti dá ọjọ́ ìparí sọ, tí ó ní láti oṣù kẹsàn-án ọdún kan títí di òpin ọdún ẹ̀kọ́, kò sí ìfiṣẹ́sílẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ oṣù kan níbẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í parí ṣáájú àkókò rẹ̀ àfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà tí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí bí ẹnì kan nínú yín bá ṣe àṣìṣe ńlá, tàbí bí ohun tó kọjá agbára ẹ̀dá bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá kàn lọ lè san owó ìtanràn fún àdánù tí ilé ẹ̀kọ́ bá fi hàn.

Ọmọ mi ní Àjàṣẹ́, kí o tó kọ gbólóhùn kan, lọ mú ìwé iṣẹ́ rẹ jáde kí o sì wo ìlà tí wọ́n ti kọ àkókò iṣẹ́ sí. Padà wá sọ ohun tí o rí fún wa.

Olùkọ́ Ìjọba, Ìfànyìn

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun, nítorí pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Mo kọ lẹ́tà láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì rò pé bí mo ti fi í sílẹ̀ náà ni mo ti bọ́. Wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, pé títí tí àwọn aláṣẹ yóò fi kọ̀wé pé àwọn gbà, olùkọ́ ni mí síbẹ̀, bí n kò bá sì wá, wọn yóò kà á sí pé mo sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró, mo dúró, ìwé kò dé bọ̀rọ̀. Nítorí náà, àǹtí, ẹ má gbẹ́sẹ̀ kan títí tí ẹ óò fi rí ìdáhùn.

Bàbá Olùkọ́, Kétu

Ohun tí ẹ sọ tọ̀nà fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ sì kú ìfaradà. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni tirẹ̀, òfin mìíràn ló dè é. Bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ní ọjọ́ ìparí, ọ̀gá rẹ̀ kò ní àṣẹ láti kọ̀ ọ́. Ìkìlọ̀ nìkan ló jẹ ẹ́. Bí ó bá ní ọjọ́ ìparí, nígbà náà ni ìdáhùn ọ̀gá ṣe pàtàkì.

Olùkọ́ Ìṣirò, Àjàṣẹ́

Mo ti wo ìwé náà. Ó kọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, yóò sì parí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á. Ṣé kò sí ọ̀nà àbáyọ ni?

Bàbá Olùkọ́, Kétu

Ọ̀nà wà. Ohun tó yí padà ni irú lẹ́tà tí wàá kọ. O kò ní kọ ọ́ pé «mo fi iṣẹ́ sílẹ̀». Wàá kọ ọ́ pé o ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jọ fòpin sí ìwé iṣẹ́ náà ṣáájú àkókò rẹ̀. Bí ọ̀gá bá gbà, ẹ óò kọ ìwé àdéhùn kékeré, ẹ̀yin méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i. Ìwé kejì yìí ni yóò dá ọ sílẹ̀, lẹ́tà kò lè dá ọ sílẹ̀.

Ohun tí yóò mú kí ọ̀gá gbà ni ọjọ́ tí o bá yàn. Mo ti jókòó sórí àga yẹn, mo sì mọ ohun tó ń ba ọ̀gá lẹ́rù: olùkọ́ ìṣirò kíláàsì BEPC tó lọ kí ìdánwò ńlá tó wáyé, láìsí máàkì, láìsí ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀kọ́ dé. O ní àárín oṣù kẹta lo fẹ́ lọ. Ìgbà wo ni ìdánwò ńlá àkọ́kọ́ ti sáà kejì yóò wáyé ní ilé ẹ̀kọ́ yín?

Olùkọ́ Ìṣirò, Àjàṣẹ́

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹta ni.

Bàbá Olùkọ́, Kétu

Àárín oṣù kẹta kọ́ ni kí o bẹ̀bẹ̀ fún nígbà náà. Sọ pé ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Ìwọ ni yóò ṣe ìdánwò yẹn, ìwọ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ ni yóò kọ máàkì rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá gbapò rẹ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni yóò rà ọ́ padà.

Jẹ́ kí n fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí ìdí tí máàkì fi lágbára ju lẹ́tà lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo darí, a máa ń wá àròpín àwọn ìdánwò kékeré, a ó fi ìdánwò ńlá méjèèjì kún un, a ó sì pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́ta. Ọmọ kan gba 16 àti 13 lórí 20 nínú ìdánwò kékeré méjì tí ìwọ ṣe. Olùkọ́ tuntun dé, ó ṣe ẹ̀kẹta, ọmọ náà kò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀, ó gba 7. Àròpín rẹ̀ jẹ́ 12. Ó gba 10 nínú ìdánwò ńlá àkọ́kọ́, ó gba 8 nínú èkejì. 12 pẹ̀lú 10 pẹ̀lú 8 jẹ́ 30. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, ó jẹ́ 10. Ọmọ náà yege nínú ìṣirò.

Wàyí o, bí ìwé máàkì rẹ bá bá ọ lọ sí Pàràkú, olùkọ́ tuntun yóò ní 7 nìkan fún ìdánwò kékeré. 7 pẹ̀lú 10 pẹ̀lú 8 jẹ́ 25, àròpín rẹ̀ kò sì ju 8,33 lọ. Ọmọ kan náà, iṣẹ́ kan náà, ó ti ṣubú nínú ìṣirò nítorí ìwé tó wà nínú àpò ẹlòmíràn. Nígbà tí òbí bá wá béèrè, kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Irú èyí ni mo rí jù nígbà tí olùkọ́ bá lọ lójijì, a sì máa ń mọ̀ ọ́n nípa pé gbogbo kíláàsì lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nígbà tí máàkì wọn nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù kò yí padà.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Bàbá, mo dúpẹ́. N kò ronú kan ọ̀rọ̀ ìwé tó ní ọjọ́ ìparí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá kọ̀ ńkọ́? Ṣé kí ó jókòó títí di oṣù kẹfà nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Pàràkú?

Bàbá Olùkọ́, Kétu

Bí ó bá kọ̀, kí ó lọ sí ọ́fíìsì alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba, kí ó mú ìwé iṣẹ́ àti ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ lọ, kí wọ́n pe àwọn méjèèjì jókòó. Bí ọ̀gá bá tún kọ̀ níbẹ̀, tí olùkọ́ náà bá sì lọ, ewu owó ìtanràn wà lórí rẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Ní tèmi, n kò rí ọ̀gá púpọ̀ tó kọ̀ nígbà tí wọ́n bá rí máàkì tó pé àti ẹni tó lè gbapò.

Lẹ́tà náà rèé bí mo ṣe máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Èdè Faransé ni wàá fi kọ ọ́ fún ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

> Àjàṣẹ́, ọjọ́ 10 oṣù kejì
>
> Sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́,
>
> Ẹ̀bẹ̀ láti fòpin sí ìwé iṣẹ́ ṣáájú àkókò rẹ̀
>
> Mo fi ọ̀wọ̀ kọ̀wé sí yín láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a jọ fòpin sí ìwé iṣẹ́ tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án, èyí tó yẹ kí ó parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ọkọ mi lọ sí Pàràkú, ìdílé mi sì ti wà níbẹ̀. Mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ọjọ́ tí màá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹta.
>
> Ṣáájú ọjọ́ náà, màá ṣe ìdánwò ńlá àkọ́kọ́ ti sáà kejì fún kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, màá yẹ̀ wọ́n wò, màá sì fi gbogbo máàkì lé yín lọ́wọ́. Màá tún fi ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kíláàsì sílẹ̀ ní pípé, mo sì ṣe tán láti jókòó ti ẹni tí ẹ bá fi rọ́pò mi.
>
> Mo ń retí ìdáhùn yín ní kíkọ. Ẹ gba ọ̀wọ̀ mi.

Tẹ ẹ̀dà méjì. Fún akọ̀wé ní ọ̀kan, kí ó kọ ọjọ́ tó gbà á sórí èkejì, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú, kí o mú èyí padà sílé. Má ṣe fi í ránṣẹ́ lórí fóònù nìkan. Má sì kọ ẹ̀sùn kankan sínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé owó oṣù máa ń pẹ́. Ẹ̀sùn ní ibi tirẹ̀, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni.

Olùkọ́ Faransé, Sakété

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ nípa máàkì. Màá fi ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kún un, nítorí pé èmi ni mo gbapò olùkọ́ kan tó lọ láàárín ọdún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti kọ́ wọn ní orí kan tán. Nígbà tí mo bi àwọn ọmọ léèrè, àkọlé rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí lójú pátákó. Mo tẹ̀ síwájú láti orí tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó tẹ̀ lé mi. Ẹ jọ̀wọ́, àǹtí, ẹ kọ ohun tí ẹ kọ́ wọn ní tòótọ́. Bí ẹ bá ti kọ́ wọn ní àbá Tálẹ́sì ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì fún wọn ní iṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún kọ orúkọ àwọn tí wọ́n kù díẹ̀ káàtó sórí bébà kan fún olùkọ́ tuntun nìkan, pẹ̀lú ohun tí kò yé kálukú: ẹni tí ìdá kò yé, ẹni tó mọ ìṣirò ṣùgbọ́n tí kì í kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ, mo rò pé kí ẹ tètè sọ ọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ lójijì máa ń rò pé olùkọ́ kọ òun sílẹ̀.

Bàbá Olùkọ́, Kétu

N kò gbà níbẹ̀ yẹn. Kí ó má sọ ọ́ kí ìdánwò ńlá tó parí. Mo ti rí kíláàsì tó gbọ́ pé olùkọ́ wọn ń lọ: ẹni méjì ló ń kàwé, àwọn yòókù ń dúró de ẹni tuntun. Lẹ́yìn ìdánwò, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kí ọ̀gá wọ kíláàsì pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́, kí ẹni tuntun sì wà níbẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe.

Olùkọ́ Faransé, Sakété

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kéré fún àwọn ọmọ BEPC. Àwọn òbí yóò sì ti gbọ́ ọ lọ́jà kí wọ́n tó sọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́.

Ìyá Ọlọ́jà, Wàǹdó

Mo ti wá lóye ọ̀rọ̀ náà báyìí, ẹ má bínú. Gẹ́gẹ́ bí òbí, èmi yóò fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi ṣáájú ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà: ǹjẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́? Nítorí pé àwa òbí máa ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ títí di ọjọ́ ìdánwò.

Olùkọ́ Ìṣirò, Àjàṣẹ́

Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ rántí èyí. Mò ń kọ́ àwọn kan, wọ́n sì ti san ti oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún pẹ̀lú. Màá dá owó oṣù méjèèjì padà fún òbí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn ti gbà á.

Mo ti fi lẹ́tà náà sílẹ̀ ní àárọ̀ òní, akọ̀wé ti fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi. Ọ̀gá pè mí lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Kò bínú. Ó ní òun lè gba ọjọ́ 31, bí mo bá kọ́kọ́ ṣètò ìbéèrè ìdánwò àfidánrawò ti BEPC pẹ̀lú ìdáhùn àti ìpín máàkì rẹ̀, kí n fi sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, nítorí pé yóò wáyé lẹ́yìn tí mo bá ti lọ. Ó tún fẹ́ kí n padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó yẹ kí n gbà?

Bàbá Olùkọ́, Kétu

Gba ti ìbéèrè náà, kí o sì jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ọjọ́ tí wọ́n gba àpòòwé náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni ìbéèrè ti jáde bí ó bá tú síta. Iṣẹ́ yíyẹ̀wò jẹ́ ti ẹni tó bá ń kọ́ wọn nígbà náà, nítorí òun ló nílò láti rí àṣìṣe wọn. Bí ọ̀gá bá takú pé ìwọ ni, kí ó kọ iye tí yóò san sínú ìwé àdéhùn, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn yóò fún ọ ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ní ọjọ́ tó o bá lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ní tèmi, kí ó gba ti yíyẹ̀wò náà bí wọ́n bá sanwó. Wọ́n lè fi bébà ránṣẹ́ sí Pàràkú nínú ọkọ̀ akérò.

Bàbá Olùkọ́, Kétu

Bébà ìdánwò àwọn ọmọ nínú ọkọ̀ akérò? Rárá o. Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, ta ni yóò sọ fún òbí?

Olùkọ́ Ìṣirò, Àjàṣẹ́

Màá sọ fún ọ̀gá pé kí olùkọ́ tuntun yẹ̀ ẹ́ wò, pé èmi yóò sì bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ìpín máàkì kò bá yé e. Wọn kò tíì rí ẹni náà. Ọ̀gá ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé àdéhùn títí tí òun yóò fi rí i, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ kàwé. Bí ẹ bá mọ olùkọ́ ìṣirò kan ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Adjarra tó lè mú kíláàsì BEPC láti oṣù kẹrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi.